Àpò Tó Kúrò ní Sítọ́ọ̀, Àpò Tí A Tà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí kọ́tà, ìyẹn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ṣe ń parí níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìẹ, ẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tó bá ku ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún kí oṣù kẹsàn-án parí. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á tò bẹẹrẹ, àwọn alábàárù ò ní ráyè jẹun, máákẹ́tà tí ẹ ò rí sójú láti oṣù keje á máa wọlé á máa jáde pẹ̀lú wébíìlì lọ́wọ́. Ẹni tí ò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní ọjà ń tà. Ó lè máa tà lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àpò tó ń jáde lónìí yìí náà la ó tún gbà wọlé kí oṣù tó ń bọ̀ tó dá sí méjì, tí ẹni tó gbé e lọ á ní oníbàárà lóun ò rówó.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ: bí a ṣe ń gbé àfojúsùn kalẹ̀ fún àwọn tó ń bá wa tajà, àti bí a ṣe ń fún ara wa ní máàkì nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé láìtan ara wa jẹ. Èmi ni mo ń darí àwọn máákẹ́tà mẹ́rin ní ibùdó ìtajà oúnjẹ adìẹ kan tí kò jìnnà sí Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀kan ń ṣe ìgboro, ọ̀kan ń lọ sí ìhà Ìkòyí-Ilé, ọ̀kan wà ní ọ̀nà Ajáàwà, obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú wọn ló ni ìhà Ìrẹsà, òun náà ló sì mọ ìwé kọ jù láàárín wọn.

Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é kì í ṣe tiwa. Andy Grove ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. John Doerr tó kọ́ ọ níbẹ̀ ló gbé e dé Google ní 1999. OKR ni wọ́n ń pè é. Apá méjì ló ní. Àkọ́kọ́ ni àfojúsùn, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tó sọ ibi tí a fẹ́ dé, tí ẹnikẹ́ni lè kà kó sì yé e. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn àmì wà, mẹ́ta sí márùn-ún, tí nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a lè fi mọ̀ bóyá a ti ń dé ibẹ̀ àbí ẹnu lásán là ń dá. Tí kọ́tà bá parí, àmì kọ̀ọ̀kan á gba máàkì láti 0 dé 1. Èyí tó bá gba 0.7 sókè ni wọ́n ń kùn ní àwọ̀ ewé, 0.4 sí 0.6 ní àwọ̀ ìyeyè, èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn ní pupa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó ti le ni pé kí nọ́ńbà tí a fẹ́ fi ṣe máàkì náà jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú kọ́tà oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án yẹ̀ wò, nítorí òun ló gbé gbogbo ẹ̀ jáde. Àfojúsùn tí a kọ ni pé: kí àwọn olóko adìẹ kéékèèké ní agbègbè wa fi ọ̀dọ̀ wa ṣe ibi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ adìẹ, kí wọ́n sì máa san owó rẹ̀ lásìkò. Àmì mẹ́ta la fi sábẹ́ rẹ̀. Èkíní, àpò tí owó rẹ̀ ti wọ báńkì kí ilẹ̀ ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án tó ṣú, kó kúrò ní 2,400 tó jẹ́ ní irú kọ́tà yìí lọ́dún tó kọjá, kó dé 3,600. Èkejì, olóko tó rà lọ́wọ́ wa nínú oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láìfo ìkankan, kó kúrò ní 40 kó dé 70. Ẹ̀kẹta, àpò tó wà níta lórí àwìn, kó kúrò ní 300 kó wálẹ̀ sí 120.

Ẹ wo àmì kẹta yẹn dáadáa. Òun ló ń ṣọ́ àmì èkíní. Bí ẹ bá sọ fún máákẹ́tà pé kó ta púpọ̀, tí ẹ ò sì sọ nǹkan mìíràn, àwìn ló máa fi tà á, nítorí kò sí ọjà tó yá tó àwìn. Andy Grove náà sọ ọ́ pé bí èèyàn bá ń wọn bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, kó wá nǹkan mìíràn tí yóò máa wọn aburú tí pípọ̀ náà lè fà, kó fi wọ́n síwájú ara wọn. Àpò la fi ka gbèsè náà, a ò fi náírà kà á, torí pé iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ adìẹ kì í dúró lójú kan. Tí owó àpò bá gun òkè láàárín kọ́tà, gbèsè lórí ìwé á dà bí ẹni pé ó pọ̀ sí i nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gba àwìn tuntun.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án parí, ìwé sítọ́ọ̀ ní àpò 3,360 ló jáde. Inú àwọn ọmọ dùn. Ẹni tó ń ṣe ọ̀nà Ajáàwà ti fi fóònù ṣe ìṣirò kí a tó jókòó: ó fi 3,600 pín 3,360, ó rí 0.93, ó ní, "Mà, àwọ̀ ewé nìyẹn o."

Ohun méjì ló wà nínú 0.93 yẹn tí kò tọ́. Àkọ́kọ́ ni pé ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti òdo. A ò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, 2,400 wà nílẹ̀ kí a tó dé. Ẹni tó wọ mọ́tò ní Ọ̀yọ́ tó ń lọ sí Ìbàdàn kò lè ka Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ mọ́ ọ̀nà tí mọ́tò náà gbé e. Ọ̀nà tí a gbà pé a fẹ́ rìn ni 2,400 dé 3,600, ìyẹn 1,200, inú rẹ̀ nìkan la ti lè gba máàkì. Bí a ṣe kọ ọ́ sí Excel nìyí, tí A2 jẹ́ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, B2 ibi tí a fẹ́ dé, C2 ibi tí a dé:

```
=MAX(0,MIN(1,(C2-A2)/(B2-A2)))
```

Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan tó yẹ kó pọ̀ sí i àti nǹkan tó yẹ kó dín kù, bíi gbèsè. MAX àti MIN tó wà níwájú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí máàkì kọjá 1 tàbí kó lọ sísàlẹ̀ òdo. Tí a bá fi 3,360 sí i, 0.8 ló máa gbé jáde. Ó ti wálẹ̀ láti 0.93, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé.

Ohun kejì ló wá mú un kúrò níbẹ̀. Àmì wa ò sọ̀rọ̀ àpò tó jáde, owó tó wọ báńkì ló sọ. Akáńtà wa mú ìwé báńkì jáde, ó fi ẹ̀rí ìsanwó kọ̀ọ̀kan síwájú wébíìlì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà gbà á ní ọ̀sán odindi, torí àwọn olóko kan máa ń san owó láti inú àkáǹtì ọmọ wọn, àwọn mìíràn á san fún àpò méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la. Nígbà tó parí, àpò 3,000 lowó rẹ̀ ti wọlé. 60 ti padà sí sítọ́ọ̀. Èyí tó kù wà níta. 3,000 dín 2,400 jẹ́ 600, 600 nínú 1,200 sì jẹ́ 0.5. Àwọ̀ ìyeyè.

Ẹ má rò pé àríyànjiyàn ò wáyé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò burú: wọ́n ní àwọn ti ṣiṣẹ́ àpò tó jáde, àwọn ti rìnrìn àjò, owó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo gbà pé owó ṣì ń bọ̀. Tó bá dé ní oṣù kẹwàá, inú kọ́tà oṣù kẹwàá la máa kà á sí, kò ní sọnù. Àmọ́ ohun tí a kọ ní oṣù keje ni "owó rẹ̀ ti wọ báńkì", gbogbo wa la sì jókòó kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí a ń kọ ọ́ lẹ́nìkan lè jà. Tí a bá ní kí a tún un kọ lọ́jọ́ tí a ń ṣe máàkì, kò sí iye tí a ò ní lè gbé dé 0.7.

Èmi fúnra mi fẹ́ mọ ibi tí àwọn àpò náà sùn sí. Mo ṣí wébíìlì ọjọ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn, àpò 240 ló jáde nínú wọn. 150 nínú rẹ̀ lọ sí oko kan ṣoṣo, oko bàbá kan tó ní adìẹ elẹ́yin 500. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí ti mọ̀ pé nǹkan kan ń rùn níbẹ̀. Adìẹ tó ti ń yé ẹyin kì í jẹ ju nǹkan bíi gíráàmù 120 lọ lójúmọ́. Ẹ fi 500 sọ ọ́ di púpọ̀, kílò 60 ni. Àpò wa jẹ́ kílò 25, ìyẹn àpò méjì àti ààbọ̀ lójúmọ́, kò tiẹ̀ pé bẹ́ẹ̀. Fún odindi oṣù, àpò 72 ló máa tó wọn. Kí ni ẹni tó ń lo àpò 72 lóṣù fẹ́ fi 150 ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú òjò oṣù kẹsàn-án, nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò? Oúnjẹ adìẹ tí ọ̀rinrin bá mú máa ń bu, tí adìẹ bá sì jẹ èyí tó ti bu, ẹyin á wálẹ̀, òmíràn á kú.

Mo pe bàbá náà. Mo kí wọn, mo béèrè àlàáfíà ilé àti ti oko, mo wá ní ẹ ṣeun tí ẹ ra ọjà púpọ̀ lọ́wọ́ wa. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àǹtí, mi ò rà á o. Ọmọ yín ló ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀ di ọ̀sẹ̀ méjì."

Irú èyí ni ẹ gbọ́dọ̀ máa wá tí ẹ bá ń ṣe máàkì fún àwọn tó ń tajà, yálà oúnjẹ adìẹ ni àbí sìmẹ́ǹtì. Kì í ṣe olè. Ẹni tó ṣe é gbà pé òun máa tà á, ó kàn fẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ dára kí ilẹ̀ tó ṣú. Nǹkan mẹ́ta lẹ fi lè dá a mọ̀: ọjà á kóra jọ sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹni tó gbà á kò ní agbára láti lò ó tán, ìwé ọjà tó padà wá á sì nípọn ní ọ̀sẹ̀ kejì kọ́tà tuntun. Lọ́dọ̀ tiwa báyìí, oníbàárà tó bá fẹ́ gba ju oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta adìẹ rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ sanwó kí ó tó gbé e. Iye adìẹ oníbàárà kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀ lè ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni.

Àmì kejì kò fa wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ 64 ni wọ́n kó wá, tí ì bá fún wa ní 0.8. Obìnrin ọ̀nà Ìrẹsà ló ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà fóònù kan náà wà lára orúkọ ọkọ àti orúkọ ìyàwó lápá Ìkòyí-Ilé, oko kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. A yọ mẹ́fà irú rẹ̀. Ó ku 58, ìyẹn 0.6. A ti wá ń ka oko báyìí, a ò ka orúkọ mọ́.

Àmì kẹta ni mo fẹ́ kí gbogbo wọn tẹjú mọ́. 300 ló wà níta tẹ́lẹ̀. 3,360 jáde, 3,000 ti sanwó, 60 padà. Ìyẹn ni pé 300 tún kún 300, gbèsè di 600. A fẹ́ kó dé 120, ńṣe ló di ìlọ́po méjì. Excel ní òdo, òdo náà la kọ. Ṣùgbọ́n òdo fúnra rẹ̀ ń fi nǹkan pa mọ́, torí ẹni tó dúró sójú kan ní 300 máa gba òdo, ẹni tó lọ sí 600 náà máa gba òdo. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń kọ nọ́ńbà gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì: "0, gbèsè jẹ́ 600 dípò 120."

Ẹnìkan ní kí a ṣe àròpọ̀ kí a pín in sí mẹ́ta. 0.5, 0.6 àti 0 jẹ́ 0.37 tí a bá pín in. Mo gbà kí wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ka ìyẹn sí nǹkan. Tí ẹ bá fún mi ní 0.37 nìkan, mi ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí fún yín. Àmọ́ tí ẹ bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú mi, mo lè sọ ọ́ láìdé Ògbómọ̀ṣọ́: wọ́n ń rí oníbàárà, ọjà ń jáde, owó ni kò wọlé.

Wọ́n ní 0.7 náà dára, ó sì rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo nǹkan. Ní Google, oríṣi méjì ni wọ́n pín in sí. Àfojúsùn tó ga ju agbára lọ, tí a kàn fẹ́ nawọ́ sí, 0.7 ti tó níbẹ̀. Tí èèyàn bá ń gba 1 ní gbogbo ìgbà, ohun tó rọrùn ló ń kọ. Ṣùgbọ́n àfojúsùn tí a ti ṣèlérí, 1 ló yẹ kó gbà, tí kò bá gbà á, ó yẹ kí a sọ ìdí rẹ̀. Àpò 3,600 jẹ́ ti àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa. Gbèsè 120 jẹ́ ti ìkejì, torí owó tó wà níta yẹn la fẹ́ fi ra ọjà mìíràn. Ọjọ́ tí a ń kọ ọ́ la ti gbọ́dọ̀ kọ oríṣi tó jẹ́ sí iwájú rẹ̀, "ìnawọ́sí" tàbí "ìlérí". Tí a bá fi í sílẹ̀ di ìparí, gbogbo èyí tí kò bá dára ló máa di ìnawọ́sí.

Ọmọ ọ̀nà Ajáàwà, òun náà ló gbé àpò 150 yẹn lọ, dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé 0.5 yìí ò ní kan kọmísọ̀n mi?" Mo ní kò ní kàn án. Kọmísọ̀n rẹ̀ wà lórí àpò kọ̀ọ̀kan tí owó rẹ̀ wọlé, iye kan ni, ó ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Máàkì ò wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe pé mo láàánú jù. Bí mo bá so owó mọ́ máàkì, tí kọ́tà tó ń bọ̀ bá dé, ó máa mú àfojúsùn wá tó rí bí ohun tó ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, á gba 1, mi ò sì ní mọ ohun tó lè ṣe. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbà gbọ́ tán. Nígbà tí kọmísọ̀n jáde tó rí i pé kò dín, òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé àpò 90 padà wá láti oko bàbá yẹn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ọjà tó padà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Kọ́tà oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwọn tó ń sin adìẹ ẹlẹ́ran fún Kérésì máa ń kó ọmọ adìẹ wọlé ní oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló fi ń dàgbà. Oúnjẹ adìẹ máa tà fúnra rẹ̀ nígbà náà, kódà tí máákẹ́tà wa bá sùn sílé. Tí a bá fi 3,000 tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí ṣe ìbẹ̀rẹ̀, Kérésì ló máa gba máàkì, kì í ṣe àwa. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ọdún tó kọjá ṣe ìbẹ̀rẹ̀. A tún pín àmì àkọ́kọ́ sí méjì, àpò adìẹ elẹ́yin lọ́tọ̀, ti adìẹ ẹlẹ́ran lọ́tọ̀, torí ẹni tó ń sin adìẹ elẹ́yin ṣì máa ra oúnjẹ ní oṣù kìíní, ẹni tó ta adìẹ rẹ̀ tán ní Kérésì lè má padà títí di oṣù kẹwàá mìíràn.

Gbèsè ṣì jẹ́ ìlérí. Láti 600 tó wà níta, èmi fẹ́ kó dé 200. Àwọn ọmọ fẹ́ 350. A jiyàn lé e lórí títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù, obìnrin ọ̀nà Ìrẹsà ló wá ka orúkọ àwọn onígbèsè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ẹni tó lè san àti ìgbà tó lè san án, ó sì dúró sí 240. 240 la kọ.